Okùn Ṣájà Tí Kò Ya Níbì Kankan

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, fóònù ìyá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di wèrè. Mo máa ń tètè bínú tẹ́lẹ̀, ẹ jẹ́ n fi ẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ti fóònù yẹn kọjá bẹ́ẹ̀. Èmi àti ìyá mi nìkan la jọ ń gbé ilé wa ní Ola, lẹ́bàá Èjìgbò, nígbà náà. Ẹ̀gẹ́ là ń gbìn, gààrí là ń yan, a kì í sì í bára wa sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà ní Àbíjàn, bí ọmọ púpọ̀ láti agbègbè Èjìgbò ṣe wà níbẹ̀. Ó fẹ́ ọmọ ibẹ̀, obìnrin kan tí Yorùbá rẹ̀ kò ju ìkíni àti ọ̀rọ̀ péréte lọ, tí a kò sì fojú rí rí àfi nínú fóònù. Obìnrin náà lóyún. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kó wá bímọ sọ́dọ̀ wa, nítorí ìyá tirẹ̀ ti kú, ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ kì í sì í gbélé, ọjà ló ń gbé kiri láti ìlú dé ìlú. Ṣùgbọ́n ìyàwó ní òun ò wá. Ó ní ìyá ọkọ òun ò fẹ́ rí òun sójú. Ó ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti gbé fóònù fún òun kí òun kí màmá, màmá á gé e mọ́ òun létí.

Irọ́ ni o. Fóònù ló ń kú. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń pè, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í sì í tán. Á bi ìyá mi nípa oko, á béèrè ògiri ẹ̀yìnkùlé tó wó, á béèrè orúnkún, á béèrè ẹni tó kú àti ẹni tó bímọ. Tó bá wá sọ pé, "Ìyá, ẹ gba ìyàwó yín," tí obìnrin náà bá sọ pé, "Màmá, bọ́sùwá," ìyẹn ẹ kú ìrọ̀lẹ́ lédè Faransé, páú, ojú fóònù á ṣókùnkùn. Kò yẹ̀ rí. Bí ẹ̀yin náà bá jókòó sí Àbíjàn, tí irú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí yín lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, kí lẹ máa rò?

Ẹ̀gbọ́n mi pè mí lọ́tọ̀. Ó ní oyún náà ti ń wúwo, pé bí ìyàwó kò bá wọ mọ́tò láàárín oṣù yẹn, kò tún lè wọ̀ ọ́ mọ́, nítorí ọ̀nà jìn, ibodè tí wọ́n máa kọjá kò sì kéré. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ó ní, "Jọ̀ọ́, wá nǹkan ṣe sí fóònù yẹn. Kó lè gbọ́ ohùn ìyá mi lẹ́ẹ̀kan péré, kó mọ̀ pé èèyàn ni wọ́n." Mo ní mo ti gbọ́.

Iná mànàmáná ò fi bẹ́ẹ̀ gbé ọ̀dọ̀ wa. Ṣọ́ọ̀bù kan wà níbi tí àwọn ọlọ́kadà ń dúró sí, ibẹ̀ ni gbogbo wa ti ń gba iná sí fóònù. Obìnrin kan ló ni í, a ń pè é ní Ìyá Oníṣáájì. Jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé, pákó gbọọrọ tó kún fún sókẹ́ẹ̀tì wà níwájú. Nítorí pé ṣájà pọ̀ níbẹ̀ bí ẹní kó wọn dà sílẹ̀, tí wọ́n sì jọra, oníkálukú ti kọ́ bí yóò ṣe sàmì sí tirẹ̀: a máa ń fi òwú so okùn ṣájà mọ́ orí rẹ̀ tó ń wọ sókẹ́ẹ̀tì pinpin, kí ẹnikẹ́ni má baà mú orí ẹni kí ó fi okùn ẹni sílẹ̀. Àwọn kan lo òwú dúdú, àwọn kan lo aláwọ̀ ewé. Ti ìyá mi jẹ́ pupa. Bí wọ́n bá sì gbà á nírọ̀lẹ́, wọ́n á wé okùn náà mọ́ orí rẹ̀ le koko, wọ́n á fa ìdí rẹ̀ gan-an, wọ́n á tún fi òwú yẹn dì í.

Àárọ̀ ni wọ́n máa ń gbé e lọ, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń gbà á. Odindi ọjọ́! Síbẹ̀ fóònù ò ní kún dé ìdajì. Mo gbé fóònù náà lọ bá ẹnìkan tó ń tún fóònù ṣe. Ó tan iná wo ẹnu rẹ̀, ó ní kò sí ìdọ̀tí níbẹ̀. Ó gbé e sí ṣájà tirẹ̀, fóònù kún wẹ́rẹ́. Ó ní, "Fóònù yín ò ṣe nǹkankan, ṣájà yín ni." Ó tán. Èwo nínú ṣájà náà? Orí ni àbí okùn? Èmi ò béèrè, òun náà ò sọ. Lójú tèmi, nǹkan kan ṣoṣo ni ṣájà, torí láti ọjọ́ tí a ti ń lò ó, mi ò rí orí àti okùn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ rí.

Pẹ̀lú ìyẹn náà, Ìyá Oníṣáájì ni mo kọ́kọ́ lọ bá jà. Mo gbà pé ó ń yọ fóònù ìyá mi kúrò lórí iná, kó lè fi ti ẹlòmíràn síbẹ̀. Bí mo ṣe dé báyìí, mo ní, "Ìwọ obìnrin yìí, kí ni ìyá mi fi ṣe ọ́?"

Ó wò mí. Ó ń jẹ ẹ̀pà lọ́wọ́. "Àǹtí mi, ẹ káàárọ̀ o."

"Mi ò bá ìkíni wá."

"Èmi bá a wá ní tèmi. Ẹ jókòó. Fóònù màmá nìyẹn níwájú yín, ẹ fojú sí i fúnra yín. Ẹ wo àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí jẹnẹrétọ̀ mi bá ń ṣe ségesège, ṣé ti màmá nìkan ló máa mú?"

Mo wò ó. Òótọ́ ni. Fóònù tó wà lápá ọ̀tún àti èyí tó wà lápá òsì ń gun òkè dáadáa. Ti ìyá mi ni kò lọ, kò bọ̀. Ojú tì mí díẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò fi hàn.

Ó ní, "Orí ṣájà yìí ni mo fura sí." Ó nàka sí i. Orí tí ẹ̀gbọ́n mi fi ránṣẹ́ láti Àbíjàn ni, ẹlẹ́sẹ̀ róbótó méjì. Kì í wọ sókẹ́ẹ̀tì tiwa, àfi ká kọ́kọ́ tì í bọ inú òmíràn tó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta. "Ẹsẹ̀ rẹ̀ lè má fọwọ́ kan inú dáadáa."

Ara mi ta. "Orí tó ti Àbíjàn wá? Ojúlówó nìyẹn! Okùn ọjà tiwa ló lè bàjẹ́."

"Ṣé okùn yìí kì í ṣe ti Àbíjàn ni?"

"Àbíjàn náà ni."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Àǹtí mi, ẹ wo okùn yìí fúnra yín. Ó ń dán. Kò ya, kò gbóná, kò jó. Kí ló fẹ́ ṣe é?"

Èmi náà ò rí ohun tó ṣe é. Okùn náà nípọn, ó funfun, ìyá mi máa ń fi aṣọ nù ún. Bí àwa méjèèjì ṣe jókòó síbẹ̀, a kàn ń bá ara wa jiyàn lórí ohun tí ẹnì kankan nínú wa ò mọ̀. Òun ló kọ́kọ́ sọ ọ́, tàbí èmi, mi ò rántí mọ́: ká tú wọn. Ká pààrọ̀ ọ̀kan, ká fi ìkejì sílẹ̀ bó ṣe wà.

Mo fi eyín já òwú pupa náà.

A kọ́kọ́ mú okùn tiwa, a so ó mọ́ orí ṣájà ti Ìyá Oníṣáájì, èyí tó ń fi gba iná sí fóònù tirẹ̀ tó ń tètè kún. A tẹ fóònù ìyá mi pa lójú, a ò bá a ṣeré, a gbé e kalẹ̀. Mo jókòó tì í títí ọlọ́kadà tó gbé èrò lọ sí Èjìgbò fi padà dé. Nọ́ńbà ojú fóònù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò níbi tó wà. Ìyá Oníṣáájì sọ pé, "Hàáà." Mo ní, "Ṣé o rí i? Orí mìíràn ló wà níbẹ̀ báyìí, síbẹ̀ kò lọ."

Ó ní ká má tíì yọ̀. A wá ṣe òdìkejì: orí Àbíjàn wa, ẹlẹ́sẹ̀ róbótó, nínú sókẹ́ẹ̀tì kan náà, pẹ̀lú okùn ti Ìyá Oníṣáájì. Okùn tirẹ̀ rí jákujàku o, ó ti dọ̀tí, ó tún ti fi rọ́bà lẹ ìdí rẹ̀. Fóònù ké. Ó kọ ọ́ sójú pé òun ń gba iná kíákíá, ohun tí kò kọ rí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Kí n tó jẹ ẹ̀pà tó bù fún mi tán, nọ́ńbà náà ti fò sókè.

Okùn ni. Okùn tó ń dán yẹn! Síbẹ̀ Ìyá Oníṣáájì mú un, ó so ó mọ́ fóònù tirẹ̀ àti orí tirẹ̀, kó lè dá a lójú. Fóònù tirẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fà nílẹ̀ bí ti ìyá mi. Ó yọ ọ́ kíá, ó ní kò gbọdọ̀ kó bá òun. Ẹ̀rín pa mí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú sí ariwo tí mo bá wọlé, ó ní ṣé òun ò mọ̀ mí ni.

Mo gbé okùn náà délé, mo fi abẹ là á ní ìdí, níbi tí ìyá mi máa ń fà le koko tí wọ́n bá ń wé e. Awọ òkè ò ní àpá kankan. Ṣùgbọ́n nínú lọ́hùn-ún, àwọn wáyà tín-ín-tìn-ín tó yẹ kí wọ́n jọ máa gbé iná ti já, ó ṣẹ́ ku díẹ̀ tó so ó ró. Iná díẹ̀ ló ń rí ibẹ̀ kọjá. Mo pe ìyá mi kí wọ́n wá wò ó. Wọ́n wo okùn, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ó ga o." Wọ́n padà sídìí gààrí wọn. Mo rò pé inú wọn máa dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ kejì mo gun ọ̀kadà lọ sí Èjìgbò láti ra okùn. Mo gbé fóònù àti orí ṣájà wa dání. Èyí tó nípọn jù ni ọmọ tó ń tà á kọ́kọ́ nà sí mi, mo ní mi ò ra ẹwà, kó so ó mọ́ iná kí n rí i. Èyí kẹta tó so mọ́ iná ló jẹ́ kí fóònù ké, tó sì kọ ọ́ sójú pé òun ń gba iná kíákíá. Òun ni mo rà. Nígbà tó máa fi di Àìkú, fóònù ìyá mi kún dẹ́múdẹ́mú, mo sì ti sọ fún wọn pé okùn tuntun yìí, wọn ò gbọdọ̀ wé e mọ́, kí wọ́n kàn ká a wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi pè nírọ̀lẹ́, oòrùn ò tíì wọ̀ tán. A jókòó sí iwájú ilé. Ó béèrè oko, ó béèrè ògiri, ó béèrè orúnkún. Mò ń yọjú wo nọ́ńbà bátìrì láti ẹ̀gbẹ́ ìyá mi. Ó ṣì kù ju àádọ́rin lọ dáadáa. Ọkàn mi balẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ìyá, ẹ gba ìyàwó yín."

"Màmá, bọ́sùwá. Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà."

Ìyá mi la ẹnu. Wọ́n tún pa á dé. Mo fọwọ́ tọ́ wọn. Obìnrin náà tún ní, "Màmá? Ṣé dáadáa ni?" Ẹ gbọ́ ohun tí ìyá mi sọ: "Iná inú fóònù mi ti fẹ́ tán o." Wọ́n sì tẹ̀ ẹ́, ó gé.

Mo wo fóònù. Mo wo ìyá mi. Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. "Ìyá! Kí lẹ ṣe yẹn? Iná ti fẹ́ tán bí í báwo? Ṣé ẹ mọ ojú tí mo ti rí nítorí fóònù yìí? Ṣé pé òótọ́ ni obìnrin yẹn ń sọ, pé ẹ ò fẹ́ ẹ?"

Wọ́n ní, "Jókòó."

"Mi ò jókòó."

"Nígbà tí fóònù ń kú," ìyá mi sọ ọ́ bí ẹni pé èmi kọ́ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, "inú mi máa ń dùn. Ọlọ́run ló ń bá mi gé e. Tí mo bá kí i, á ní kí òun máa bọ̀. Tó bá sì dé, ibí yìí ni yóò bímọ sí."

"Ṣé ohun burúkú nìyẹn ni?"

Wọ́n na ọwọ́ wọn méjèèjì síwájú, wọ́n ń wò ó. "Ọwọ́ yìí ló gba ọmọ tìrẹ."

Mo jókòó. Ẹ ṣàánú mi, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ ní kúkúrú. Ilé ìyá mi ni mo ti bí ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí. Òjò ti ba ọ̀nà jẹ́, kò sí ọ̀kadà tó lè gbé mi dé ọsibítù, ìyá mi ló gbà á. Ọmọ náà ò sunkún. A sin ín, ilé ọkọ tú mọ́ mi lórí, mo padà wá sọ́dọ̀ ìyá mi, a sì ń yan gààrí. Láti ìgbà náà, a kò dárúkọ ọ̀rọ̀ yẹn rí. Mo rò pé nítorí tèmi ni wọ́n ṣe ń dákẹ́.

Mo ní, "Ìyá, mi ò sọ rí pé ọwọ́ yín ni."

Wọ́n ní, "O ò sọ rí pé kì í ṣe ọwọ́ mi."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Èmi tí ẹnu mi kì í dákẹ́, tí mo lè fi odindi àárọ̀ bá Ìyá Oníṣáájì jà lórí okùn, mo bú sẹ́kún. Mo sunkún dáadáa, ojú ò tì mí. Nígbà tó rọlẹ̀, mo di ọwọ́ wọn mú, mo ní, "Kì í ṣe ọwọ́ yín. Kì í ṣe ẹ̀yin rárá. Ẹ ti ṣe gbogbo ohun tí ìyá lè ṣe, mo wà níbẹ̀, mo rí yín." Wọ́n mi orí. Mo ní, "Àti pé ta ló ní kí ẹ gba ọmọ fún ẹnikẹ́ni? Tí oyún bá ti wọ oṣù rẹ̀, ìyàwó á máa gbé Èjìgbò lẹ́bàá ọsibítù, èmi ni mo máa tẹ̀ lé e. Tiyín ni kí ẹ gbé omi kaná, kí ẹ wẹ ọmọ, kí ẹ pọ̀n ọ́n."

Ìyá mi gbójú sókè wò mí. "Ṣé o lè wo ọmọ náà? Ṣé o lè gbé e dání?"

"Mi ò mọ̀," mo ní. "Ṣùgbọ́n mo fẹ́ gbé e."

Ìyá mi mú fóònù. Wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń pè padà, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ fún wọn. Ìyàwó gan-an ló gbé e. Ohùn rẹ̀ ti yí padà, ó dà bíi pé òun náà ti sunkún. Kò sọ bọ́sùwá. Ó ní, "Màmá, ṣé fóònù kú?"

Ìyá mi ní, "Rárá, ọmọ mi. Kò kú. Ẹ̀rù ló bà mí."

Mo tiẹ̀ rò pé kò gbọ́ Yorùbá tí wọ́n sọ. Lẹ́yìn náà ló fi ohùn wẹ́ẹ́rẹ́ sọ pé, "Èmi náà, Màmá. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an."

"Mo mọ̀," ìyá mi ní. "Máa bọ̀ nílé."